Kọ́ńtíráàtì mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta lóṣù: bí a ṣe ń fi kóńgò kan náà wọn méjèèjì

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò mi obìnrin wá bá mi nílé ní Súrùlérè, ó kó ìwé méjì sínú fáìlì rọ́bà. Àwòrán ilé ló ń yà lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí bíríkìlà àti oníná máa ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá ń kọ́lé. Ìwé kìíní jẹ́ kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní Màrínà lórí Áílàndì, oṣù kìíní sí oṣù kẹsàn-án, ₦9,000,000 lápapọ̀. Ìkejì jẹ́ lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ láti Ìkẹjà, iṣẹ́ olówó-oṣù, ₦600,000 lóṣù.

"Àǹtí mi, mo ti pín in," ló wí kó tó jókòó. "Mílíọ̀nù kan lóṣù ni ti Màrínà. Ẹ kàn bá mi wò ó bóyá nǹkan wà nínú ìwé yẹn tí mi ò rí ni."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ṣètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní Àpápá, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó pín owó kọ́ńtíráàtì sí iye oṣù inú ìwé, tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìdáhùn tó jáde, tí ojú wọn wá là lóṣù kọkànlá. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ìṣirò. Kóńgò ni wọ́n fi wọn gààrì kan, wọ́n fi mudù wọn èkejì, wọ́n wá ń bi ara wọn léèrè èwo ló pọ̀ jù. Àwọn oníṣòwò Oyíngbò ò ní gbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí èmi àti àbúrò mi ṣe sọ ọ́ di kóńgò kan náà lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tirẹ̀ bí ẹ ṣe ń bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo irú kọ́ńtíráàtì tó jẹ́

Oríṣi méjì ni wọ́n máa ń pè ní kọ́ńtíráàtì l'Ékòó. Nínú ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ni yín, àmọ́ wọ́n dá ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Nínú èkejì, ẹ dà bí ẹni tó ń ta ọjà fún wọn: ẹ ṣe iṣẹ́, ẹ kọ ìwé ìbéèrè owó, wọ́n sanwó. Ẹ má wo àkọlé, inú ìwé ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá sọ pé àwọn á máa yọ PAYE, ìyẹn owó orí òṣìṣẹ́, àti owó ìfẹ̀yìntì, tó sì dárúkọ ìsinmi ọdọọdún, òṣìṣẹ́ ni yín, ìṣirò yín á kúrú: ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹrin ló máa ń mú iṣẹ́ wá fún irú yín jù. Tó bá jẹ́ pé ohun tó wà níbẹ̀ ni "ẹ mú ìwé ìbéèrè owó wá" àti "a ó yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún owó orí", oníṣẹ́ àdáni ni yín. Ti àbúrò mi jẹ́ èyí. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa sanwó, ₦3,000,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí àwọn àwòrán.

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ bí àdéhùn ṣe lè fọ́ sí pẹ̀lú. Nínú ìwé tirẹ̀, oṣù kan ṣáájú ni ẹnikẹ́ni nínú wọn lè fi sọ pé òun ò ṣe mọ́, iṣẹ́ tí ó bá sì ti parí nìkan ni wọ́n máa sanwó fún. Ìyẹn ni pé ₦9,000,000 náà ò tíì dájú tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gàgàrà sí ojú ìwé kìíní.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbé owó oṣù dé ibi tó ga dé gan-an

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ máa gé owó kọ́ńtíráàtì kúrú. Èmi máa ń kọ́kọ́ gbé owó oṣù sókè, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí ojú ò rí pọ̀ sí. ₦600,000 yẹn kì í ṣe gbogbo ohun tí agbanisíṣẹ́ máa ná lórí rẹ̀.

Ẹ mú lẹ́tà náà, kí ẹ wá gbogbo ohun tí wọ́n máa san tí kò sí nínú iye oṣù. Mẹ́ta la rí nínú tirẹ̀. Èkíní ni owó oṣù kẹtàlá, tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọn á san ní oṣù Kejìlá, ₦600,000. Èkejì ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sínú àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà fi ìdá mẹ́jọ tirẹ̀ sí i. Kò pọn dandan kó jẹ́ gbogbo owó oṣù ni wọ́n á fi ṣírò rẹ̀ o: kò kàn gbọ́dọ̀ kéré sí owó gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ lápapọ̀, bí lẹ́tà ṣe pín wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦500,000 nínú tirẹ̀, nítorí náà ₦50,000 lóṣù ni agbanisíṣẹ́ máa fi sí i, ₦600,000 lọ́dún. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú ìlera, HMO fún òun àti ọmọ rẹ̀. Ó ti béèrè iye tí òun máa san fún irú rẹ̀ tí òun bá ra á fúnra òun, wọ́n sì pè é ní ₦240,000 lọ́dún.

Ẹ wá kó wọn jọ. ₦600,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦7,200,000. Oṣù kẹtàlá sọ ọ́ di ₦7,800,000, owó ìfẹ̀yìntì sọ ọ́ di ₦8,400,000, HMO sọ ọ́ di ₦8,640,000. Ẹ pín in sí méjìlá, ₦720,000 ló jáde. Iṣẹ́ tó ń pè ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lé lẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin ni.

Mo máa ń ṣe ẹ̀tanú sí oṣù kẹtàlá. Bí lẹ́tà bá sọ pé "bí ilé-iṣẹ́ bá rí èrè" tàbí "bí ọ̀gá bá fẹ́", mi ò ní kà á rárá, torí ojú mi ti rí ọdún tí àwọn ọ̀gá ò fẹ́. Tá a bá yọ ọ́ nínú ti àbúrò mi, iye náà á rọ̀ sí ₦670,000. Ìsinmi ọdọọdún ò nílò kí a fi kún un, ó ti wà nínú oṣù méjìlá tí a sanwó fún. Ibi tí ìsinmi ti máa yọ orí jáde ṣì ń bọ̀.

Ohun kan wà tí ẹ máa yọ níbí: owó ọkọ̀ ojoojúmọ́. Ṣómólú ló ń gbé. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ sí Ìkẹjà, lọ-bọ̀ ₦2,400, ọ̀sẹ̀ méjìdínláàádọ́ta, jẹ́ ₦576,000 lọ́dún, ₦48,000 lóṣù. Ẹ yọ ọ́ nínú ₦720,000, ó kù ₦672,000. Ẹ fi iye yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yọ ohun tí iṣẹ́ náà máa jẹ nínú owó kọ́ńtíráàtì

Ní Ìkẹjà, ilé-iṣẹ́ ló ni tábìlì, iná, íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà àti sọ́fítíwíà. Ní ti Màrínà, òun ló ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ló máa lọ sọ́dọ̀ wọn, ilé ló ti máa ṣe ìyókù.

Mo ní kó mú fóònù rẹ̀, kó ṣí àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́ta tó kọjá, kó má kàn fi orí sọ ọ́. Ohun tí èèyàn bá fi orí sọ, ó máa ń kéré. Dátà jáde sí ₦30,000 lóṣù. Epo jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí iṣẹ́ nìkan, láì ka ti alẹ́ tí wọ́n ń wo tẹlifíṣàn, jẹ́ ₦45,000. Sọ́fítíwíà tó fi ń ya àwòrán jẹ́ ₦40,000. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ₦1,440,000 ló rà á, ó sì máa ń lo irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kó tó pààrọ̀, ìyẹn oṣù méjìdínláàádọ́ta, nítorí náà ₦30,000 ni oṣù kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú rẹ̀. Orí láptọ́ọ̀pù yìí la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. "Mo ti rà á tẹ́lẹ̀ ná, Àǹtí." Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ló ń gbó o, lọ́jọ́ tó bá sì kú, owó irú iṣẹ́ yìí náà ló máa fi ra òmíràn.

Owó ọkọ̀ sí Màrínà: lọ-bọ̀ ₦3,000, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógójì, ₦234,000. Tá a bá wá kó oṣù mẹ́sàn-án jọ, dátà jẹ́ ₦270,000, epo ₦405,000, sọ́fítíwíà ₦360,000, láptọ́ọ̀pù ₦270,000, ọkọ̀ ₦234,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦1,539,000. Yọ ọ́ nínú ₦9,000,000, ó ku ₦7,461,000.

Ẹ kíyè sí pé mi ò yọ HMO àti owó ìfẹ̀yìntì níbí. A ti fi wọ́n kún ti Ìkẹjà. Bí ẹ bá tún yọ wọ́n nínú ti Màrínà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kà wọ́n, kọ́ńtíráàtì á sì dà bíi pé ó burú ju bó ṣe rí lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ohun kan máa wà. Àṣìṣe yìí ni mo máa ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn tó mọ ìṣirò dáadáa, nítorí àwọn ló máa ń rántí gbogbo nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oṣù mélòó ni owó yìí máa bọ́ yín?

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Oṣù mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà, àmọ́ owó náà gbọ́dọ̀ gbé yín dé ọjọ́ tí owó iṣẹ́ mìíràn máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Iye oṣù yẹn ni ẹ máa fi pín in, kì í ṣe iye tó wà nínú ìwé. Onílé yín ní Ṣómólú ò mọ̀ pé kọ́ńtíráàtì ti parí lóṣù kẹsàn-án.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ iye oṣù tí iṣẹ́ tó ń bọ̀ máa pẹ́? Kì í ṣe nípa ìrètí. Mo ní kí àbúrò mi sọ àwọn iṣẹ́ mẹ́rin tó ti ṣe sẹ́yìn fún mi, ọjọ́ tó parí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́, ó ń yí fóònù sókè sódò. Àlàfo mẹ́ta ló wà láàárín iṣẹ́ mẹ́rin: oṣù méjì, oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́ta. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́ta. "Oṣù mẹ́rin yẹn, inú rẹ̀ ni mo ti bímọ o," ló wí. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n oṣù méjì yẹn náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló bá a wá iṣẹ́ kíákíá. Ẹ má yọ èyí tí ẹ ò fẹ́ràn kúrò. Bí ẹ ò bá tíì ṣe kọ́ńtíráàtì rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín, ẹ béèrè iye oṣù tí wọ́n fi jókòó nílé, ẹ má béèrè bóyá iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Gbogbo wa ni iṣẹ́ ń lọ dáadáa fún tí wọ́n bá bi wá.

Inú àlàfo yìí náà ni ìsinmi àti àìsàn wà. Òṣìṣẹ́ Ìkẹjà tí ibà bá dè mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, owó oṣù rẹ̀ á wọlé bó ṣe máa ń wọlé. Ẹni tó ń yàwòrán fún Màrínà, ọ̀sẹ̀ kan náà á sún ọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ sí àwòrán síwájú, ọjọ́ owó á sì bá a lọ.

Nítorí náà, mẹ́sàn-án àti mẹ́ta jẹ́ méjìlá. Nínú Excel orí fóònù, ìlà kan ṣoṣo ni:

```
=(9000000-1539000)/(9+3)
```

₦621,750 ló jáde. Ti Ìkẹjà jẹ́ ₦672,000. Mílíọ̀nù kan lóṣù ti di ohun tó fi nǹkan bí ₦50,000 kéré sí iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta lóṣù. Àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún un tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé mo kàn fẹ́ bá kọ́ńtíráàtì jẹ́, ẹ yí nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn padà, kí ẹ rí bó ṣe ń ṣe. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ₦829,000 ni, kọ́ńtíráàtì ló gbé e. Oṣù kan, ₦746,100, ó ṣì gbé e. Oṣù méjì, nǹkan bí ₦678,000, ojú kan náà ni wọ́n wà. Oṣù mẹ́ta, ó ti já wálẹ̀. Gbogbo àríyànjiyàn epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà ò tó ohun tí oṣù kan ṣoṣo ń ṣe. Tó bá jẹ́ pé wákàtí kan péré lẹ ní láti fi ṣe ìwádìí, ẹ fi gbogbo rẹ̀ wá òótọ́ nípa àlàfo.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó orí, àti ìdá márùn-ún tó ń tan èèyàn jẹ

Títí di ìsinsìnyí, kò sí owó orí nínú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe burúkú ni kí èèyàn fi owó tó wọ báǹkì láti Ìkẹjà, tí wọ́n ti yọ PAYE nínú rẹ̀, wé owó Màrínà tí owó orí rẹ̀ kò tíì pé.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2025, ti ń ṣiṣẹ́. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, wọn ò gba nǹkan kan níbẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e, ìdá 18. Àwọn ìpele mìíràn wà lókè, àwọn tí kọ́ńtíráàtì wọn tóbi jù bẹ́ẹ̀ ló kàn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́n á yọ owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ fi sí àpò rẹ̀, wọ́n á sì yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí èèyàn ń san lọ́dún, tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ₦500,000. Owó ilé àbúrò mi jẹ́ ₦1,200,000, torí náà ₦240,000 ni wọ́n máa yọ fún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ti Ìkẹjà: ₦7,800,000, yọ ₦480,000 ìdá mẹ́jọ tirẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì, yọ ₦240,000. Ó ku ₦7,080,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦330,000 lórí ìpele kejì àti ₦734,400 lórí ìkẹta, àpapọ̀ ₦1,064,400, ₦88,700 lóṣù.

Ti Màrínà: ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ lè yọ ìnáwó tó ṣe nítorí iṣẹ́ náà nìkan, bó bá ní rìsíìtì. Dátà, epo àti sọ́fítíwíà nìkan ni mo yọ, ₦1,035,000. Mo fi láptọ́ọ̀pù àti owó ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí ti láptọ́ọ̀pù ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n ń gbà yọ ọ́, danfo ò sì máa ń fúnni ní rìsíìtì. Tá a bá yọ owó ilé náà, ó ku ₦7,725,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦1,180,500. Pín in sí oṣù méjìlá kan náà, nǹkan bí ₦98,400.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ rèé. Ilé-iṣẹ́ Màrínà máa yọ ìdá márùn-ún, ₦150,000 nínú ₦3,000,000 kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ oníkọ́ńtíráàtì gbà pé ìyẹn ni owó orí àwọn, ó ti tán. Kò tán. Àsansílẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ₦450,000 ni wọ́n máa ti yọ. ₦1,180,500 ló jẹ. ₦730,500 ṣì kù tó máa san fún LIRS, àjọ tó ń gba owó orí l'Ékòó, nígbà tó bá kọ ìwé owó orí rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìgbà tí ìyẹn bọ́ sí: oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí kọ́ńtíráàtì parí, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí owó ti tán lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ló máa ru igbá rẹ̀ délé. Kí ẹ tún rí i pé ilé-iṣẹ́ fún yín ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti san ìdá márùn-ún náà lórúkọ yín. Láìsí i, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn owó orí, ₦672,000 Ìkẹjà di ₦583,300. ₦621,750 Màrínà di nǹkan bí ₦523,400. Ìyàtọ̀ ti fẹ̀ sí ₦60,000.

Mo yára fi kún un pé ₦583,300 yẹn kọ́ ló máa rí lórí álẹ́ẹ̀tì báǹkì ní ìparí oṣù. Nǹkan bí ₦471,000 ló máa rí, kó tó wá wọ ọkọ̀. Ìyókù wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì, nínú HMO àti ní oṣù Kejìlá. Ẹni tí gbèsè ń lé lọ́wọ́ báyìí lè wo ₦90,000 tó ń wọ àpò ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù, kó ní kò tíì wúlò fún òun. Òótọ́ ni, àmọ́ owó rẹ̀ ni ṣá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣe é láti ẹ̀yìn wá síwájú

Ìṣirò yìí wúlò jù nígbà tí ẹ bá yí i padà: èló ni Màrínà máa san kí ó tó bá Ìkẹjà dọ́gba? Ìyàtọ̀ ₦60,000 lóṣù jẹ́ nǹkan bí ₦720,000 lọ́dún. Ṣùgbọ́n nínú ₦100 tí wọ́n bá fi kún un, ₦18 máa lọ sí owó orí, ₦82 ló máa kù. Nítorí náà, ẹ fi 0.82 pín ₦720,000, ó sún mọ́ ₦880,000. Fi kún ₦9,000,000, ká sọ pé ₦9,900,000. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ₦9,900,000, ó jáde ní ₦584,875 lóṣù. Ó dọ́gba.

Tí ẹ bá wá pín ₦9,900,000 sí oṣù mẹ́sàn-án inú ìwé, mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùn-ún ni, ₦1,100,000. Iye tí kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ jẹ́ lóṣù nìyẹn kó tó tó iṣẹ́ ₦600,000, fún ẹni tí àlàfo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́ta. Ẹ má gbé iye yìí lọ lo bó ṣe rí fún tiyín. Ẹni tí kì í jókòó nílé láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, iye tirẹ̀ á kéré sí i gan-an.

Ó ku ọjọ́ tí owó máa wọlé. ₦3,000,000 àkọ́kọ́ máa jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti sanwó lẹ́yìn tí ìwé ìbéèrè owó bá dé. Oṣù mẹ́rin nìyẹn láìrí kọ́bọ̀, tí òun sì ń ra epo àti dátà lójoojúmọ́. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé e fún oṣù méjì. Bó bá yá ₦600,000 láti fi rìn ìyókù, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù fún oṣù méjì, ₦36,000 ló lọ. Èlé yẹn jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí iṣẹ́ jẹ, ìgbésẹ̀ kẹta ni ipò rẹ̀. Èyí tó dáa jù ni kí ẹ béèrè owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, torí lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ sí i, ojú rere lẹ óò máa fi bẹ̀ wọ́n.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ló kọ̀wé sí Màrínà pé ₦9,900,000 ni, kí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n dá a lóhùn ní Ọjọ́bọ̀: ₦9,500,000, wọ́n gbà láti san ìdá ọgbọ̀n ṣáájú. Ó fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò náà nínú BRT, ó fi ránṣẹ́ sí mi. ₦557,500 lóṣù. Ó fi nǹkan bí ₦26,000 kéré sí Ìkẹjà. Mo bi í pé kí ló wá fẹ́ ṣe.

"Àǹtí mi, Màrínà ni mo máa lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni màá fi wà nílé pẹ̀lú ọmọ. Bó bá jẹ́ ₦26,000 lóṣù ni owó rẹ̀, màá san án."

Mi ò ní ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn, ó ti mọ iye tó ń rà. Ohun tí mo béèrè ni pé ibo ni owó orí máa wà. Ti ₦9,500,000 yìí máa jẹ́ ₦1,270,500; wọ́n á ti yọ ₦475,000, á ku ₦795,500. Ó ti ṣí àkáǹtì mìíràn tí kò ní káàdì. Ọjọ́ tí ìdá ọgbọ̀n wọlé, ₦240,000 ló kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, kó tó lọ ra epo.